Ohùn mi àti ọwọ́ mi ò bára mu nínú fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Google Sheets

Àdùkẹ́Bódìjà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ṣe fídíò fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ìyá tó ń ta aṣọ. Mo fẹ́ fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè yọ orúkọ àwọn oníbàárà tó ṣì jẹ wọ́n lówó jáde nínú ìwé gbèsè tí wọ́n ń kọ sórí Google Sheets. Ohun ìkáfídíò tó bá kọ̀ǹpútà mi wá ni mo fi ká ojú ẹ̀rọ sílẹ̀, fóònù ni mo sì fi ká ohùn mi lọ́tọ̀, torí fáànù kọ̀ǹpútà yẹn ń pariwo. Orí CapCut ni mo ti so méjèèjì pọ̀. Fídíò náà gùn tó ìṣẹ́jú 8.

Ohun méjì ló ń dà mí láàmú. Níbẹ̀rẹ̀, ohùn àti àwòrán ń lọ pọ̀ dáadáa, àmọ́ kó tó dé ìparí, ìṣẹ́jú àáyá 2 gbáko ti wà láàárín wọn. Èkejì, àwọn ìyá tí mo kọ́kọ́ fi hàn ní àwọn ò rí ibi tí mo tẹ̀. Kí n tó pe "Data" tán, mẹ́nù ti ṣí, mo ti mú nǹkan nínú ẹ̀, ó ti pa dé. Kódà níbi tí ohùn àti àwòrán ti bára mu, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bọ̀déẸ̀rọ

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí ò le rárá. Ẹ yẹ fáìlì ohùn yín wò, ó dá mi lójú pé 44100 Hz ni fóònù yín fi ká a, fídíò sì máa ń lo 48000 Hz. Àwọn méjèèjì ò jọ ń rìn lọ́gbọọgba, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ara wọn bí àkókò ṣe ń lọ. Ẹ yí ohùn yẹn padà sí 48000 Hz nínú Audacity, ó parí. Tí nǹkan bá ṣì kù, ẹ lo OBS nígbà míì, ẹ wọ "Advanced Audio Properties", ẹ yí iye tó wà lábẹ́ "Sync Offset" títí wọ́n á fi bára mu.

Jíire

Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí wa. Ṣé ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ fídíò lẹ fẹ́ kó bá ohùn mu? Mo ti ṣe irú ẹ̀ fún ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí ẹ bá gbé fídíò sórí YouTube, ẹ wọ YouTube Studio, ẹ lọ sí "Subtitles". Ẹ lè fa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan síwájú tàbí sẹ́yìn níbẹ̀, kì í gba àkókò.

Àdùkẹ́Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an. Jíire, ọ̀rọ̀ kíkọ kọ́ ni mò ń sọ, ohùn ẹnu mi ni. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá yìí kì í kàwé fídíò, wọ́n á kàn gbọ́ mi ni.

Bọ̀dé, mo yẹ̀ ẹ́ wò, lóòótọ́ 44100 ni. Mo yí i sí 48000 bí ẹ ṣe wí, àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn ò kúrò níbẹ̀.

ÌyáAkáfídíò

Àdùkẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ má fọwọ́ kan ohùn yẹn mọ́, kò ṣẹ̀ yín.

Bọ̀dé ọmọ mi, bá mi ṣírò ẹ̀. Ìṣẹ́jú 8 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 480. Tí ẹ̀rọ bá ṣi ohùn 44100 mú, tó ń kà á bí 48000, ohùn yẹn á parí ní 441. Ìyàtọ̀ 39 nìyẹn, kì í ṣe 2, ohùn Àdùkẹ́ á sì tín-ín-rín bí ohùn ọmọdé, gbogbo ayé á gbọ́ ọ. CapCut fúnra ẹ̀ máa ń tún irú ìyẹn ṣe kó tó fi í sínú fídíò. "Sync Offset" náà ò kàn án. Ìyẹn wúlò níbi tí ohùn ti fi iye kan náà pẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi ká máa fi máíkì Bluetooth sọ̀rọ̀. Ti Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó ń pọ̀ sí i. Àìsàn tó ń pọ̀ sí i yàtọ̀ sí èyí tó dúró sójú kan.

Àwòrán yín ni mo fura sí. Púpọ̀ nínú ohun ìkáfídíò tó máa ń bá kọ̀ǹpútà àti fóònù wá kì í ya àwòrán ní iye kan náà ní gbogbo ìgbà. Tí ohunkóhun ò bá yí padà lójú ẹ̀rọ, wọ́n á dín àwòrán kù, wọ́n á tún yára nígbà tí nǹkan bá ń rìn. Fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì kún fún ibi tí ohunkóhun ò ti rìn, ìgbà tí ẹ̀ ń ṣàlàyé, tí ọfà máòsì dúró. Ẹ̀rọ tí a fi ń gé fídíò lè wá tò wọ́n bí ẹni pé àárín wọn dọ́gba. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyàtọ̀ á fi máa kóra jọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òun ni: ẹ fi MediaInfo ṣí fáìlì tí ẹ ká, èyí tí ẹ ò tíì gé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Frame rate mode". Tó bá jẹ́ "Variable", ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ gbé e wọ HandBrake, lábẹ́ "Video" ẹ mú 30 níbi "Framerate", ẹ mú "Constant Framerate", ẹ jẹ́ kó tún un ṣe kí ẹ tó gbé e lọ sí CapCut. Ẹni tó bá fẹ́ràn àṣẹ kíkọ:

```
ffmpeg -i demo.mp4 -fps_mode cfr -r 30 -c:v libx264 -crf 18 -c:a copy demo30.mp4
```

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn ná. Ìṣòro kejì ló nípọn jù, màá padà wá bá a.

Bọ̀déẸ̀rọ

Màmá, ẹ ṣeun. Àmọ́ ṣé a ò kàn lè na ohùn yẹn díẹ̀? Ìṣẹ́jú àáyá 2 nínú 480, kò tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyàtọ̀ nínú ohùn.

ÌyáAkáfídíò

Wọn ò ní gbọ́ ọ lóòótọ́, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin á sì bára mu. Àárín ni kò ní bára mu. Ìyàtọ̀ yẹn ò wọlé ní ìwọ̀n kan náà jálẹ̀ fídíò, ibi tí ojú ẹ̀rọ ti dúró jẹ́ẹ́ ló ti ń wọlé. Tí o bá na ohùn lọ́gbọọgba, o máa rí i pé ìṣẹ́jú 3 tún dáa, ìṣẹ́jú 5 tún ti bàjẹ́, wàá wá máa lé e kiri. Ibi tó ti wá ni kí o ti dá a dúró.

Ohun kan tún wà tí màá gba gbogbo ẹni tó ń ká ohùn lọ́tọ̀ nímọ̀ràn láti máa ṣe. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi máòsì tẹ àpótí kan lórí Sheets, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dún "kà" sínú fóònù tó ń ká ohùn. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Tí ẹ bá so "kà" àkọ́kọ́ mọ́ ibi tí àpótí ti yí àwọ̀ etí padà, ẹ wo "kà" ìkẹyìn. Tóun náà bá bọ́ sójú ẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Tí kò bá bọ́ sí i, ẹ ti mọ iye tó fi yẹ̀ kí olùwòran tó mọ̀.

Àdùkẹ́Bódìjà

Màmá, ẹ ṣeun o! "Variable" ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo lo HandBrake, mo tún un so pọ̀, òpin ti bá ìbẹ̀rẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tí wọn ò rí ibi tí mo tẹ̀ ló kù.

TíṣàỌ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Èmi fóònù ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ìdí kan náà sì ni wọ́n fi máa ń ráhùn: wọn kì í rí ìka mi. Ohun tó yí i padà fún mi ni "Show taps". Lórí Android, ẹ lọ sí "Settings", ẹ wá "Build number", ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra nígbà 7, "Developer options" á yọjú. "Show taps" wà nínú ẹ̀. Tí ẹ bá tàn án, àmì róbótó kékeré á máa hàn níbikíbi tí ìka bá ti kan ojú fóònù.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi òfin de ara mi pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ pé "ẹ tẹ ibí yìí". Àwọn ọmọ mìíràn ń fi fóònù kékeré tí ojú ẹ̀ ti fọ́ wò ó. Ibí wo ni "ibí"? Mo máa ń sọ igun tó wà, àwọ̀ ẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

ÌyáAkáfídíò

Tíṣà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, pàápàá lórí "ibí yìí". Kọ̀ǹpútà ni Àdùkẹ́ ń lò, torí náà "Show taps" ò kàn án, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ọfà máòsì tóbi sí i nínú ètò Windows. Ìyẹn nìkan ò sì ní yanjú ẹ̀.

Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ ibi tí "Data" wà. Ọwọ́ yín ti débẹ̀ kí ẹnu yín tó ṣí. Ẹni tó ń wò yín ò mọ̀ ọ́n, etí ló máa kọ́kọ́ fi gbọ́, ojú ẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Nígbà tó bá rí ibẹ̀, ẹ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ kankan ò bàjẹ́, ẹnu ló pẹ́ ju ọwọ́ lọ.

Ohun tí mo máa ń tẹ̀ lé ni pé ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ gbọ́dọ̀ parí kí ìka tó tẹ nǹkan, ọ̀rọ̀ tó sì ń ròyìn ohun tó yọjú ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ohun náà fi yọjú. Àárín méjèèjì, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni olùwòran fi ń rí nǹkan. Bí ẹ bá ń sọ pé "mẹ́nù ti ṣí" nígbà tí kò tíì ṣí, tàbí "ẹ tẹ̀ ẹ́" nígbà tó ti ṣí, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ń gbọ́ nǹkan kan, ó ń rí nǹkan mìíràn.

Ọfà máòsì náà lẹ́nu tiẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣàlàyé, tí ẹ̀ ń fi ọfà yípo káàkiri, ojú á máa tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí kò ti bo ohunkóhun. Ìgbà tí ẹ bá ti dárúkọ bọ́tìnnì ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kó rìn jẹ́jẹ́, kó dé orí bọ́tìnnì, kó dúró díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ kọ bí ẹ ṣe sọ ọ́ nínú fídíò yín síbí, apá kékeré kan péré, ká jọ gé e.

Àdùkẹ́Bódìjà

Bó ṣe rí nìyí, mo kọ ọ́ látinú fídíò. Ìwé gbèsè yẹn ní òpó márùn-ún: Ọjọ́, Orúkọ, Aṣọ, Owó, Sísan. Lábẹ́ Sísan, "Ó ti san" tàbí "Kò tíì san" ló máa ń wà.

"Ẹ tẹ Data kí ẹ yan Create a filter, ẹ wá tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sísan, ẹ tẹ Clear, ẹ mú Kò tíì san, ẹ tẹ OK, ẹ ti rí i pé àwọn tó jẹ yín lówó nìkan ló kù."

Ó gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15.

ÌyáAkáfídíò

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú mímí kan ṣoṣo yẹn. Èkeje tún wà tí ẹ ò dárúkọ rárá: kí ẹ tó tẹ Data, àpótí kan ti wà ní títẹ̀ nínú tábìlì yín, àbí? Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bá tẹ àpótí òfìfo tó jìnnà sí tábìlì kó tó ṣe ohun tí ẹ wí, ohun tó máa rí lè má jọ tiyín, á sì rò pé òun ló ṣì í. Gbogbo ohun tí ẹ bá ti tò sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká fídíò, ìgbésẹ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ ní ohùn tiẹ̀.

Bí màá ṣe sọ apá ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìyí, pẹ̀lú àkókò:

0:00. Ohùn: "Ẹ wo àpótí tí wọ́n kọ Ọjọ́ sí, lápá òsì, nínú ìlà àkọ́kọ́." Tí mo bá ti dé "àpótí" ni ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

0:05. Ọfà ti dúró lórí ẹ̀. Ohùn: "Ẹ tẹ̀ ẹ́." Ẹnu dákẹ́, títẹ̀ tẹ̀ lé e.

0:08. Ohùn: "Etí àpótí náà ti yí padà sí aláwọ̀ búlúù. Ó dáa." Ọfà kò rìn.

0:12. Ohùn: "Ní òkè ojú ẹ̀rọ, nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò sórí ìlà kan, ẹ wá Data." Ọfà ń gòkè lọ.

0:17. Ohùn: "Ẹ tẹ̀ ẹ́." Títẹ̀. Mẹ́nù ṣí. Ẹnu dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 2.

0:20. Ohùn: "Mẹ́nù gígùn kan ti ṣí wálẹ̀. Nínú ẹ̀, Create a filter la ń wá." Ọfà ń sọ̀ kalẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá orí ohun tí yóò ṣí mẹ́nù mìíràn.

0:26. Ohùn: "Ẹ tẹ̀ ẹ́." Títẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

0:29. Ohùn: "Ẹ padà wo ìlà àkọ́kọ́. Àmì kékeré kan ti jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sísan la máa lò."

Ẹ rí i pé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó sọ ohun tó yọjú, ó sì ti gbé ojú lọ síbi tí ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀ ti máa ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí dé "OK", ó lè ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n á sáré kọjá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ẹ ṣe é fún.

ỌmọAláró

Màmá, mo júbà, àmọ́ mi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀. Ká ohùn lọ́tọ̀ ká àwòrán lọ́tọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń ṣe é, lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú máíkì tó ní wáyà. Ohùn àti àwòrán wà nínú fáìlì kan, mi ò ní láti so wọ́n pọ̀. Ohùn ẹni tó ń ṣe nǹkan gan-an sì yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó ń kàwé. Ó gbóná, ó dùn ún gbọ́. Ìwé tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àkókò, bí wọ́n bá ń kà á, ó máa ń dún bí ìkéde pápákọ̀ òfurufú.

TíṣàỌ̀yọ́

Mo gbè sẹ́yìn ỌmọAláró díẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń tètè mọ̀ tí mo bá ń kàwé sí wọn létí.

ÌyáAkáfídíò

Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, kó ṣe é. Fún nǹkan kúkúrú tí kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ, èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé bí ahọ́n bá kọ́ ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, ẹ ò lè gé ọ̀rọ̀ láìgé àwòrán, ọfà á fò láti ibì kan sí ibòmíì. Fáànù kọ̀ǹpútà Àdùkẹ́ tún ń pariwo, ó ti ní òun ò lè fi í ká ohùn.

Ohun tí mo ń ṣe fún fídíò gígùn wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí mo bá ń ká ojú ẹ̀rọ, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní tòótọ́, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó tì mí. Mi ò ní lo ohùn yẹn, àmọ́ òun ló ń sọ fún ọwọ́ mi ìgbà tó yẹ kó dúró. Lẹ́yìn náà, màá ká ohùn tó mọ́, ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, fáìlì kan fún ìgbésẹ̀ kan. Nínú CapCut, màá gé àwòrán síbi títẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú "Split", màá wá fa fáìlì ohùn ìgbésẹ̀ yẹn títí "ẹ tẹ̀ ẹ́" á fi parí ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú ibi tí mo gé.

Ohùn lè gùn ju àwòrán lọ. Ẹ má ṣe fi ipá yára ohùn. Ẹ gbé ìlà àkókò síbi tí ọfà ti dúró jẹ́ẹ́, ẹ tẹ "Freeze", CapCut á fi àwòrán dídúró ìṣẹ́jú àáyá 3 síbẹ̀, ẹ lè fà á gùn tàbí kí ẹ gé e kúrú. Tí ọfà bá ń rìn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ fi "Freeze" sí i, ó máa dá dúró lójijì láàárín ọ̀nà, ojú á sì rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọfà máa sinmi. Tí ohùn bá wá kúrú ju àwòrán lọ, ẹ gé lára ibi ìsinmi yẹn kan náà, ẹ má gé ìrìn ọfà.

Kí ó má bàa dún bí ìkéde, ẹ má kọ gbogbo gbólóhùn sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ bọ́tìnnì, ibi tó wà àti ohun tó máa yọjú. Ìyókù, ẹ sọ ọ́ bó bá ṣe wá sí yín lẹ́nu.

Bọ̀déẸ̀rọ

Màmá, ti ìṣirò ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé àǹtí fẹ́ ro gbogbo gbèsè pọ̀, tó ń kọ

```
=SUMIF(E2:E31,"Kò tíì san",D2:D31)
```

Ṣé kó máa pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni? Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, torí ìyẹn ni ohùn àti ọwọ́ fi máa bára mu gẹ́lẹ́.

ÌyáAkáfídíò

Bọ̀dé, ìbéèrè gidi nìyẹn. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu ò lè bá ìka dọ́gba lórí irú nǹkan yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa pe àmì kan, ìka á ti tẹ mẹ́ta. Màá kọ́kọ́ sọ ohun tí ìṣirò náà fẹ́ ṣe: "A fẹ́ kó wo òpó Sísan, kó mú owó àwọn tí kò tíì san, kó ro ó pọ̀." Màá wá tẹ̀ ẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, kí n tó tẹ Enter, màá dúró, màá wá kà á ní apá mẹ́ta, ọfà á máa tọ́ka sí apá tí mo ń kà.

Ọ̀rọ̀ "Kò tíì san" yẹn gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú òpó mu pẹ̀lú àmì orí ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdo ló máa gbé jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi "copy" mú un látinú àpótí, ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu pé ohun tí ẹ̀ ń ṣe nìyẹn.

TíṣàỌ̀yọ́

Níbí yìí, màmá, ti Bọ̀dé ni mo tẹ̀ lé. Àwọn ọmọ mi ń tẹ̀ ẹ́ lọ pẹ̀lú mi ni. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní "Tíṣà, kí ló kàn?" Mo máa ń pè é ní ègé kéékèèké: "SUMIF, àkámọ́ ṣí", màá dúró, màá tẹ̀ ẹ́. "E2 dé E31", màá dúró, màá tẹ̀ ẹ́.

ÌyáAkáfídíò

Ìyẹn náà tọ̀nà fún kíláàsì, ẹ̀yin ń rí ojú wọn. Nínú fídíò, wọ́n lè dá a dúró. Mi ò lè sọ pé tiyín ò dáa.

Àdùkẹ́Bódìjà

Ẹ kú àdúrótì o. Mo tún apá "filter" yẹn ká pẹ̀lú ìlànà màmá, mo sì fi han ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, mo gbé kọ̀ǹpútà tiẹ̀ fún un kó máa ṣe é tẹ̀ lé mi. Ó tẹ Data fúnra ẹ̀, ó mú Create a filter, ó tẹ àmì Sísan, ó tẹ Clear, ó mú Kò tíì san. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ó wá há síbi "OK". Mo gbọ́ bí mo ṣe ń wí nínú fídíò pé "nísàlẹ̀, ẹ wá OK, ó láwọ̀ ewé", àmọ́ kò sí OK kankan lójú kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Ojú ẹ̀ kéré ju tèmi lọ, àpótí "filter" náà wọ ìsàlẹ̀ lọ. Èmi náà ti fi Ctrl àti + sọ ojú-ewé di 125% kí ọ̀rọ̀ lè tóbi nínú fídíò, àmọ́ OK ṣì hàn lọ́dọ̀ mi.

ÌyáAkáfídíò

Ẹ ṣe é gan-an. Ìyá yẹn ti ṣe márùn-ún fúnra ẹ̀, ó kù kan.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò mọ́, ọ̀rọ̀ ibi ni. Ohùn yín ń sọ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín, kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ dá ojú-ewé yín padà sí 100%. Tí ọ̀rọ̀ bá kéré jù, inú CapCut ni kí ẹ ti fa àwòrán sún mọ́ni. Kí ẹ tó tún un ká, ẹ jẹ́ kí fèrèsé Chrome yín kúrú bíi ti kọ̀ǹpútà ìyá yẹn, kí ẹ rí ohun tó ń rí. Bí OK bá sọnù lọ́dọ̀ yín náà, ẹ fi ìgbésẹ̀ kan kún un: "Tí ẹ ò bá rí OK, ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ àmì ìyọkúrò lẹ́ẹ̀kan tàbí méjì." Ẹ dákẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo ẹ̀ sún kéré lójú wọn, ẹ wá sọ pé "OK ti yọ nísàlẹ̀."

ỌmọAláró

Àmọ́ màmá, tí wọ́n bá fi Ctrl dín in kù nígbà tí àpótí yẹn ṣí sílẹ̀, ṣé kò ní pa dé, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látorí àmì Sísan?

ÌyáAkáfídíò

Ìdí tó fi yẹ kí Àdùkẹ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ìyá yẹn gan-an nìyẹn. Tó bá pa dé, ẹ gbé ìgbésẹ̀ Ctrl yẹn lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, ṣáájú títẹ Data. Àdùkẹ́, ẹ bá wa wò ó, ẹ jẹ́ ká gbọ́.